Ilé Tí Ògo Mọ̀

Ilé kan wà ní Rosettenville, ní apá gúúsù Jo'burg ní South Africa, tí Yíwọlá fẹ́ ju bí èèyàn ṣe ń fẹ́ ilé lọ. Ilé náà ò kúkú lẹ́wà. Òrùlé rẹ̀ ń jò, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, géètì rẹ̀ sì máa ń ké bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá gbọ́ pé tìtorí rẹ̀ ló ṣe gbé èèyàn lọ sí kóòtù gíga á ní kí ló dé, ṣé ilé ti tán ní Jo'burg ni? Yàtọ̀ sí ará ilé rẹ̀, Fèyíkẹ́, lọ́yà rẹ̀, nìkan ló mọ ìdí rẹ̀, ìmọ̀ yẹn sì wúwo lọ́kàn rẹ̀ ju gbogbo ìwé ẹjọ́ tó wà lórí tábìlì rẹ̀ lọ.

Ọmọ méjì ni Yíwọlá bí. Ògoolúwa ni àgbà, Tèmilọlá ló tẹ̀ lé e. Ògo ń kàwé ní yunifásítì ní Braamfontein nígbà tí nǹkan dédé yí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn kan ń gbọ́ ohun tí òun ń rò, ó ń fi bébà dí ojú fèrèsé. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó da oògùn nù, ó tún padà síbi tó wà. Nígbà tó yá, ó di alárìnkiri. Ó lè lọ fún oṣù kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń sùn. Àmọ́ bó ti wù kó pẹ́ tó, ilé Rosettenville yẹn ló ń padà sí. Kò ní fóònù, kò rántí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni mọ́. Á kan géètì, á ní, "Màámi, mo ti dé," á wẹ̀, á jẹun, á sùn bí ọmọ ọwọ́. Nígbà míì á gba oògùn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, á lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò sì dà bíi pé ọmọ ti padà. Nọ́ọ̀sì ni Yíwọlá, ó mọ̀ pé ọmọ tó ti dàgbà ò ṣeé so mọ́lẹ̀. Ohun tó lè ṣe ò ju pé kó wà nílé nígbà tó bá kanlẹ̀kùn.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ìjọ Aládùúrà wọn ní Troyeville. Màmá Tèmi ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, bí wọ́n bá sì bi í nípa àkọ́bí rẹ̀, á ní Cape Town ló wà, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè. Àwa Yorùbá náà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, a mọ ara wa. Kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ẹni, wọ́n á ti wádìí tán: ṣé kò sí wárápá nílé yẹn, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé wèrè ò sí níbẹ̀? Tèmilọlá sì ti ń fẹ́ ẹnì kan, Ọláwọlé, ẹnjiníà tó ti ilé ire wá. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tó bí i ló mọ̀ pé aráyé á sì tún fi ọmọ kejì san gbèsè rẹ̀.

Láolú ló ni ilé náà, ọmọ ìjọ wọn ni, ó sì ti pẹ́ tí Yíwọlá ti ń háyà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ní òun fẹ́ tà á, Yíwọlá ní òun ni kó tà á fún. Wọ́n kọ ìwé, àwọn méjèèjì tọwọ́ bọ̀ ọ́ bí òfin ilẹ̀ yẹn ṣe wí, Yíwọlá san àsansílẹ̀, báǹkì gbà láti san ìyókù. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹlòmíì fi owó tó ju tiẹ̀ lọ han Láolú. Ojú ọkùnrin náà yí padà, ó ní òun ò tà mọ́.

Ọjọ́ tí Yíwọlá kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì Fèyíkẹ́ ní Braamfontein, Fèyíkẹ́ là á yé e pé ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Owó gbà-má-bínú ni ọ̀kan: kóòtù á wo iye tí wọ́n fẹnu kò sí, á wo iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń tà lọ́jà, Láolú á sì san ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì. Kóòtù tún lè pàṣẹ pé kí Láolú mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ bó ṣe wà nínú ìwé, kó gbé ilé sílẹ̀ fún ẹni tó tà á fún. Èyí tó kù ni àṣẹ ìdádúró, tí á de Láolú lọ́wọ́ kó má lè gbé ilé fún ẹlòmíì títí ẹjọ́ á fi parí. Àṣẹ ìdádúró ò fúnni nílé o. Ilẹ̀kùn ló ń tì, kí ẹrù má bàa jáde kí wọ́n tó mọ ẹni tó ni ín. Nítorí náà, ó ní ká yára, ká béèrè ilé náà gan-an, ká sì béèrè ìdádúró pẹ̀lú rẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ ni Fèyíkẹ́ ti kọ́kọ́ kàwé òfin, kó tó wá tún ìdánwò ṣe ní Jo'burg. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ni pé owó ló ń ṣíwájú, pé ìgbà tí owó ò bá tó nìkan ni ẹ́kúítì ń dá sí i, ìyẹn òfin ẹ̀rí-ọkàn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń rọ òfin líle lójú. Ti South Africa yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹni tí wọ́n da àdéhùn rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ohun náà gan-an lòun ń fẹ́, kò di dandan kó kọ́kọ́ fi hàn pé owó ò tó. Ṣùgbọ́n ìbí àti ọ̀hún, ibì kan náà ni wọ́n ti pàdé: ọwọ́ adájọ́ ló kù sí. Bí àṣẹ náà bá máa ni ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lára jù, bí olùpẹ̀jọ́ bá fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, bí ọwọ́ òun alára ò bá mọ́, adájọ́ lè kọ̀, kó ní kó lọ gba owó. Fèyíkẹ́ sọ gbogbo èyí fún un, ó sì tún un sọ, pé kóòtù ò fẹ́ràn ẹni tó bá sùn lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Yíwọlá ní òun ti gbọ́, àmọ́ kí lọ́yà fún òun láyè díẹ̀, àwọn àgbà ìjọ ti dá sí i.

Àwọn àgbà ìjọ! Wọ́n pe Yíwọlá àti Láolú jókòó, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Láolú kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó tọrọ àforíjì, ó ní òun á tún òrùlé ilé náà ṣe kí òun tó fà á lé Màmá Tèmi lọ́wọ́, kí wọ́n ṣáà kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn àgbà ní ìyẹn dára, kí Màmá Tèmi fi ẹ̀mí àlàáfíà hàn. Obìnrin yìí sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kan ní Troyeville, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé Láolú lọ́wọ́. Kò bi lọ́yà rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ìtàn yìí á ní òun ò lè ṣe irú rẹ̀, àmọ́ ẹ fi ara yín sípò rẹ̀: àjèjì nílẹ̀ àjèjì, tí kò ní ẹbí míì lẹ́yìn ìjọ rẹ̀, ta ni yóò wò lójú kó sọ pé òun ò gbọ́?

Lójoojúmọ́ tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, á wakọ̀ gba iwájú ilé náà, á dúró díẹ̀ bóyá Ògo á yọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí kọ́tìnnì tuntun lójú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí àwọn bíríkìlà tí wọ́n ń wó àtẹ̀gùn iwájú ilé, tí wọ́n ń rọ kọnkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ipò rẹ̀. Láolú ti ta ilé fún tọkọtaya kan, Mahlangu. Ìyàwó náà ò lè rìn mọ́, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló wà. Wọ́n ti ta ibi tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fẹ ilẹ̀kùn, wọ́n ti tún balùwẹ̀ ṣe, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹnì kan ti ra ilé yẹn ṣáájú wọn. Yíwọlá sáré padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Àwọn àgbà ní àwọn á pe Láolú. Wọ́n pè é títí, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ìgbà tí ọkùnrin náà ò gbé fóònù mọ́ ni Yíwọlá tó gba Braamfontein lọ.

Inú bí Fèyíkẹ́ débi pé ó dìde, ó lọ dúró sójú fèrèsé, ó ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń sọdá nísàlẹ̀ ní ìdí robot, iná tó ń darí ọkọ̀. Kò lè bú ẹni tó tó ìyá rẹ̀. Ìgbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó jókòó, ó ní wọn ò tíì pààrọ̀ orúkọ tó wà lórí ilé náà ní ọ́fíìsì ìjọba, nítorí náà ọ̀rọ̀ ò tíì bàjẹ́ tán. Ẹni tó kọ́kọ́ rà ló yẹ kó gbà á, bí òfin ṣe wí nìyẹn, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà tó mú kí ìwọ̀n tẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni kejì. Àwọn Mahlangu ti ní ìdí tiwọn, gbogbo ayé ló sì rí i. Ó yẹ kí Yíwọlá náà gbé tirẹ̀ síwájú.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ Ògo sínú ìwé ìbúra yín."

Yíwọlá ní rárá. Fèyíkẹ́ ní àwọn lè bẹ adájọ́ kó bo orúkọ náà. Yíwọlá ní ta ló máa bo orúkọ ní Troyeville, ṣé Láolú tó jẹ́ olùjẹ́jọ́ ò ní ka ìwé ni? Lọ́jọ́ kejì, ìjọ á ti gbọ́, lọ́jọ́ kẹta, àwọn òbí Ọláwọlé á ti gbọ́. Fèyíkẹ́ ní bí wọn ò bá kọ ọ́, kí ni òun máa sọ pé ilé yìí fi yàtọ̀ sí ilé míì? Yíwọlá ní kó sọ pé òun fẹ́ràn ilé náà. Àṣírí oníbàárà sì ni, lọ́yà ò gbọ́dọ̀ tú u bí ẹni tó ni ín ò bá ní kó tú u. Wọ́n kọ ìwé ìbúra láìsí Ògo nínú rẹ̀. Wọ́n pe Láolú àti àwọn Mahlangu lẹ́jọ́ pọ̀. Lọ́yà Láolú sì fọwọ́ síwèé pé wọn ò ní pààrọ̀ orúkọ ilé títí adájọ́ á fi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Fèyíkẹ́ ja ìjà rere, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ mọ́ ọn. Láolú ní bí òun bá gbé ilé fún Yíwọlá, àwọn Mahlangu á bá òun ṣẹjọ́, ìyà á jẹ òun. Fèyíkẹ́ ní ìyà tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ fà, kò gbọ́dọ̀ gbé e wá fi tọrọ àánú ní kóòtù. Adájọ́ mi orí, ó gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìgbà tó kan ọ̀rọ̀ àwọn Mahlangu, adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Àgbàlagbà ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní àwọn wọ̀nyí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, bí òun bá sì lé wọn jáde, òun mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí wọn, ó wà nínú ìwé. Ó wá bi Fèyíkẹ́ léèrè pé bí òun ò bá gbé ilé fún oníbàárà rẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i tí owó ò lè tún ṣe? Òun ti ka ìwé ìbúra rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun ò rí nǹkan kan.

Fèyíkẹ́ mọ ìdáhùn, ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí adájọ́ jọ̀ọ́ fún òun láyè kí òun bá oníbàárà òun sọ̀rọ̀, bóyá wọ́n á tọrọ àyè láti fi ìwé ìbúra kan kún un. Adájọ́ gbà, ó dìde wọlé.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, Yíwọlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Fèyíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ tòun ti aṣọ lọ́yà lọ́rùn. Ó ní adájọ́ yìí ń wá ọ̀nà láti ràn wọ́n lọ́wọ́, òun mọ̀ ọ́n lójú rẹ̀, ó ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Gbólóhùn kan péré ni, pé ọmọ kan wà tí ara rẹ̀ ò yá, tí kò mọ ibòmíì. Kò dájú pé wọ́n á jàre, nítorí ìyà àwọn Mahlangu wúwo, àmọ́ ìwọ̀n tí kò sí nǹkan kan nínú apá rẹ̀ kan, ibo ni yóò tẹ̀ sí?

Yíwọlá ò sunkún. Ó fara balẹ̀ bí ẹni tó ti sun ún tán nílé.

"Fèyí, lọ́dún yìí ni àwọn àna mi ń bọ̀ wá mọ̀ mí. Ọ̀kan ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi sọ èkejì nù?"

"Ẹni tó bá dákẹ́, Màmá, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

"Jẹ́ kó dákẹ́."

Fèyíkẹ́ padà wọlé, ó sọ fún adájọ́ pé àwọn ò ní nǹkan kan láti fi kún un.

Ìdájọ́ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Adájọ́ ní Yíwọlá ló kọ́kọ́ rà, Láolú ló da àdéhùn, ìwà rẹ̀ sì burú. Lójú òfin, obìnrin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ilé náà gan-an. Ṣùgbọ́n ó ti fínnúfíndọ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó rí àwọn Mahlangu tí wọ́n ń náwó sí ilé náà, kò sì wí fún wọn. Ìnira tó máa bá àwọn aláìṣẹ̀ wọ̀nyí pọ̀, nínú ìwé ẹjọ́ kò sì sí ohunkóhun tó fi hàn pé ilé yìí jẹ́ ohun kan fún olùpẹ̀jọ́ ju ilé lọ. Nítorí náà, òun kọ̀ láti pàṣẹ kí wọ́n gbé e fún un. Bí ìyẹn sì ti kọ̀, àṣẹ ìdádúró ò ní ohun tó máa dúró lé lórí, torí kò sí ẹ̀tọ́ sí ilé náà tó kù láti dáàbò bò. Kí Láolú dá àsansílẹ̀ padà, kó san owó gbà-má-bínú tí wọ́n bá ṣírò, kó sì san owó ẹjọ́. Fèyíkẹ́ kà á títí dé òpin, kò rí ibi tí adájọ́ ti ṣìṣe.

Láolú san án. Orúkọ àwọn Mahlangu sì gun orí ilé.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, Tèmilọlá wọ ọ́fíìsì Fèyíkẹ́ pẹ̀lú Ọláwọlé, ìdájọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nínú dúrọ́ọ̀ ìyá òun ni. Ó ní òun ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, níbo ni orúkọ ẹ̀gbọ́n òun wà nínú rẹ̀? Ojú Fèyíkẹ́ ló dáhùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà gbé ìdájọ́ náà lé tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, Ọláwọlé ti mọ̀. Mo ti sọ fún un kó tó mú mi lọ sílé wọn. Ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó ń gbàdúrà fún Ògo láràárọ̀."

Ọláwọlé fohùn pẹ̀lẹ́ ní òótọ́ ni, pé ìyá òun tiẹ̀ ti bi òun pé ṣé Ògo á lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ó wá béèrè pé ṣé wọn ò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Fèyíkẹ́ ní kóòtù òkè kì í gba ẹ̀rí tí èèyàn ní lọ́wọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í kàn gba ìpinnu lọ́wọ́ adájọ́ tó bá fòye lò ó. Ilé náà sì ti di ti onílé. Kò sí òfin kankan tó kù fún wọn. Ohun tó kù ò ju kí wọ́n lọ bẹ àwọn Mahlangu lẹ́nu ọ̀nà wọn bí ọmọ èèyàn.

Wọ́n gbé Yíwọlá ní Troyeville. Nínú ọkọ̀ ni Tèmilọlá ti sọ fún un pé àwọn àna mọ̀, pé wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Obìnrin náà kàn ń fi ọwọ́ nu ojú fèrèsé ọkọ̀ tí kò dọ̀tí, ó ń nù ún títí wọ́n fi dé Rosettenville, Fèyíkẹ́ sì rí i nínú dígí iwájú.

Wọ́n ti pààrọ̀ géètì. Ìyáàfin Mahlangu fúnra rẹ̀ ló yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde sórí kọnkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le nígbà tó dá Yíwọlá mọ̀ láti kóòtù. Fèyíkẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó ní kì í ṣe tìtorí ilé ni àwọn ṣe wá. Ó sọ ọ̀rọ̀ Ògo fún un, gbogbo rẹ̀ pátá, Yíwọlá sì dúró tì í tó ń mi orí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní ohun tí àwọn fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni pé bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá wá kan géètì, kó jọ̀ọ́ kó pe àwọn.

Ìyáàfin náà gbé ọwọ́ lé àyà.

Ó ní, "Ó ti wá."

Ó ní kò tíì pẹ́, òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́kùnrin tó ga, tó rù, kò wọ bàtà. Ó ń béèrè ìyá rẹ̀. Òun nìkan ló wà nílé, ẹ̀rù ba òun, òun sọ fún un látojú fèrèsé pé ìyá rẹ̀ ò sí níbí, pé àwọn ló ni ilé. Kò jà. Ó kàn bi òun lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó dá òun lójú pé ìyá rẹ̀ ti kó lọ. Òun ní ó dá òun lójú. Ọmọ náà ní kí òun má bínú, ó sì lọ. Ìyáàfin náà ń sunkún báyìí, ó ní bí wọ́n bá ti sọ fún àwọn, àní bí wọ́n bá sọ ọ́ ní kóòtù lásán, òun ì bá ṣílẹ̀kùn fún un, Ọlọ́run ló mọ̀ pé òun ì bá ṣí i.

Yíwọlá di irin géètì náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Ọ̀nà wo ló gbà?"

Ìyáàfin Mahlangu na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, níbi tí àwọn takisí ti ń já sí títì ńlá. Gbogbo wọn wo ibẹ̀. Àwọn èèyàn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ kún ojú ọ̀nà, Yíwọlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.